Wúrà Inú Ilẹ̀, Wúrà Inú Àpótí: Ohun Tó Ń Gbé Owó Wúrà Sókè Sódò Láti Ọdún Dé Ọdún

Wúrà kì í jẹrà, kì í dípẹtà, iná kì í sì í jó o di eérú. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jùlọ nínú wúrà tí aráyé ti wa jáde láti ìgbà ìwáṣẹ̀ fi ṣì wà lókè eèpẹ̀ títí di òní. Ó wà lọ́rùn àwọn obìnrin, ó wà nínú àpótí àwọn ìyá àgbà, ó wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ àwọn báǹkì àpapọ̀. Ìgbìmọ̀ Wúrà Àgbáyé fojú bù ú pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 216,000 ní ìparí ọdún 2024. Bí wọ́n bá yọ́ ọ pọ̀ tí wọ́n sì dà á sínú àpótí kan tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àpótí náà kò ní ju nǹkan bí mítà 22 lọ.

Ní ọdún 2024 yìí kan náà, gbogbo ibi ìwakùsà tó wà láyé fi ohun tó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 3,600 kún un. Ìyẹn ni pé bí ènìyàn bá ní gíráàmù wúrà 60 nílé, nǹkan bí gíráàmù 1 ni ilẹ̀ ń bá a fi kún un lọ́dún.

Ibí yìí ni ọjà wúrà ti yàtọ̀ sí ọjà iṣu. Iṣu tí àgbẹ̀ wa lọ́dún yìí ni ará ìlú ń jẹ lọ́dún yìí. Bí òjò bá kọ̀ tí iṣu kò ta, kò sí iṣu ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni lè kó jáde láti inú àká, nítorí náà owó iṣu á fò sókè. Ti wúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ibi ìwakùsà ayé bá tilẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún odindi ọdún kan, wúrà tó ti wà nílẹ̀ tó láti dí àlàfo náà, bí àwọn tó ni ín bá gbà láti tà. Nítorí náà, ìpinnu àwọn tó ti ní wúrà lọ́wọ́ ló ń gbé owó wúrà sókè sódò lójoojúmọ́: bóyá wọ́n fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni, àbí wọ́n fẹ́ tà á. Owó èlé, ogun, ọ̀wọ́n gógó àti agbára dọ́là ló ń yí ọkàn wọn padà.

Àmọ́ bí a bá fi ojú ogún ọdún wo ọ̀rọ̀ náà dípò ojú ọjọ́ kan, àwọn ọ̀nà méjì tí wúrà ń gbà wọ ọjà á hàn kedere. Ọ̀nà kìíní ni ibi ìwakùsà, èyí tó mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wọ ọjà lọ́dún 2024 wá. Ọ̀nà kejì ni wúrà àlòkù: ẹ̀gbà, òrùka, yẹtí àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, tí àwọn ènìyàn tà kí wọ́n lè yọ́ wọn di wúrà tuntun. Àwọn méjèèjì ń dáhùn bí owó wúrà bá yí padà, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kò dọ́gba. Wúrà àlòkù lè dé ọjà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibi ìwakùsà lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Òkúta kì í tètè di wúrà

Kí wúrà tó jáde ní ibi tuntun, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ á kọ́kọ́ bu eèpẹ̀ àti iyanrìn odò káàkiri láti mọ ibi tí àmì wúrà ti pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú òkúta, kí wọ́n lè mọ bí òkúta oníwúrà náà ṣe jìn tó àti iye gíráàmù tó wà nínú tọ́ọ̀nù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé àṣẹ ìjọba, àdéhùn pẹ̀lú àwọn onílẹ̀, owó yíyá àti kíkọ́ ilé ẹ̀rọ tí yóò máa lọ òkúta ló tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí wọ́n bá rí àmì àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí wúrà jáde, ọdún 10 sí 20 ni ó sábà máa ń gbà.

Sẹ̀gilọlá, ní agbègbè Iléṣà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ àpẹẹrẹ tó wà nítòsí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fọ iyanrìn odò agbègbè náà láti ṣa wúrà inú rẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé wúrà wà nínú òkúta ibẹ̀. Síbẹ̀, ọdún 2021 ni ilé iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ tó da wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Òkúta tí wọ́n ṣírò pé wọn yóò wa níbẹ̀ ní nǹkan bí gíráàmù wúrà 4 nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí ọkọ̀ akóyọyọ kan bá gbé tọ́ọ̀nù òkúta 30, wúrà inú gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 120. Wúrà wúwo gan-an, nítorí náà gíráàmù 120 yìí kò ju ohun tó lè kún ṣíbí tíì kan kó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Wọ́n sì máa ń ka òkúta bẹ́ẹ̀ sí òkúta tó dára, torí pé ọ̀pọ̀ kòtò ìwakùsà gbangba láyé ń wa òkúta tí kò ní ju gíráàmù 1 tàbí 2 nínú tọ́ọ̀nù kan.

Bí ibi ìwakùsà bá ti ṣí tán, ó tún ní ìwọ̀n tí kò lè kọjá. Iye òkúta tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè lọ lóòjọ́ ti wà lákọsílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Bí owó wúrà bá ga sí ìlọ́po méjì lọ́la, ẹ̀rọ náà kò ní lè lọ ìlọ́po méjì òkúta. Ohun kan ṣoṣo tí awakùsà lè tètè yí padà ni irú òkúta tí yóò kó wọ inú ẹ̀rọ.

Nígbà tí owó fò sókè, tí wúrà sì dínkù

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà láàrin ọdún 1970 sí 1980 fi èyí hàn dáadáa. Ní ọdún 1970, orílẹ̀-èdè náà nìkan wa nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,000, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo wúrà tí ayé wa lọ́dún náà. Inú òkúta agbègbè Johanẹsibọ́ọ̀gì, tí wọ́n ti ń wa láti ọdún 1886, ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Owó wúrà ìgbà náà ṣì wà ní nǹkan bí dọ́là 35 fún áúnsì kan, ìyẹn gíráàmù 31.1, torí pé Amẹ́ríkà ti so dọ́là mọ́ wúrà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971, Ààrẹ Nixon já okùn náà. Owó wúrà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, ó sì dé dọ́là 850 ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1980.

Ẹni tó bá ń wo ọjà á rò pé awakùsà á wa wúrà púpọ̀ sí i. Ìdàkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: ní ọdún 1980, wúrà tí Gúúsù Áfíríkà wa ti wálẹ̀ sí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 675. Òkúta tí wọ́n ń lọ ló fa á. Nígbà tí owó wúrà wà ní dọ́là 35, kìkì òkúta tó lọ́ràá ló lè san owó iṣẹ́. Òkúta tí wọ́n lọ ní ọdún 1970 ní nǹkan bí gíráàmù wúrà 13 nínú tọ́ọ̀nù kan. Ní ọdún 1980, èyí tí wọ́n ń lọ kò ní ju nǹkan bí gíráàmù 7.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní dọ́là 35, gíráàmù wúrà 1 jẹ́ nǹkan bí dọ́là 1 àti sẹ́ńtì 12. Tọ́ọ̀nù òkúta tó ní gíráàmù 13 yóò mú nǹkan bí dọ́là 14 àti ààbọ̀ wá. Ní ọdún 1980, tí a bá pín owó ọdún náà dọ́gba, áúnsì kan wà ní ohun tó lé díẹ̀ ní dọ́là 600, ìyẹn nǹkan bí dọ́là 19 àti ààbọ̀ fún gíráàmù kan. Tọ́ọ̀nù òkúta tó ní gíráàmù 7 péré yóò mú ohun tó lé ní dọ́là 130 wá. Wúrà inú òkúta náà dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n owó tó mú wá lé ní ìlọ́po mẹ́jọ.

Kí ló dé tí wọn kò fi máa wa èyí tó lọ́ràá nìṣó, kí èrè wọn lè tún ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ìdí ni pé ihò àwọn ibi ìwakùsà yìí jìn, àwọn mìíràn kọjá kìlómítà 3 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Òkúta tí kò lọ́ràá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó lọ́ràá. Bí wọ́n bá wa èyí tó lọ́ràá tán tí wọ́n sì jáde níbẹ̀, kò sí owó tí yóò tó láti tún padà wọlé lọ kó èyí tó ṣẹ́kù. Nítorí náà, ìgbà tí owó wúrà dára ni wọ́n fi ń wa òkúta tí kò lọ́ràá, wọ́n á sì fi èyí tó lọ́ràá sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú, kí ẹ̀mí ibi ìwakùsà náà lè gùn. Bí ìjọba ibẹ̀ ṣe ń gba owó orí lọ́wọ́ awakùsà tún mú kí ó rọrùn fún wọn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà, òkúta tó lọ́ràá jùlọ kò pọ̀ mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń wa á.

Ìdáhùn tó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá

Owó gíga ọdún 1980 rí ìdáhùn, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ìdáhùn náà ti wá, ó sì pẹ́. Ní Nẹ̀fádà, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣí ibi ìwakùsà kan ní Kálìnì ní ọdún 1965, níbi tí wúrà inú òkúta ti kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Àwọn awakùsà wá kọ́ bí wọ́n ṣe lè fọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó o jọ bí òkìtì ńlá lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá sí, kí wọ́n sì máa wọ́n omi tí wọ́n fi sáyánáìdì díẹ̀ sí lé e lórí. Omi náà á máa ṣàn gba inú òkìtì, á máa yọ́ wúrà mọ́ra díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì gbà á nísàlẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò náwó bí iṣẹ́ inú ihò jíjìn. Òkúta tí wọn kì bá kà sí nǹkan tẹ́lẹ̀ wá di òkúta oníwúrà.

Amẹ́ríkà, tó wa nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30 ní ọdún 1980, wa ohun tó súnmọ́ tọ́ọ̀nù 300 ní ọdún 1990. Ọsirélíà kúrò ní ohun tí kò tó tọ́ọ̀nù 20, ó sì kọjá tọ́ọ̀nù 240 láàrin ọdún mẹ́wàá kan náà. Gbogbo wúrà tí ayé ń wa lọ́dún gòkè láti nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,220 ní 1980 dé nǹkan bí 2,600 ní 2000. Ṣùgbọ́n nígbà tí wúrà tuntun yìí fi máa dé, ìfẹ́ tó gbé owó sókè ní 1980 ti tutù. Owó èlé Amẹ́ríkà ti ga, àwọn báǹkì àpapọ̀ kan sì ń ta wúrà wọn.

Àwọn awakùsà fúnra wọn tún dá kún ìṣòro náà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé owó wúrà yóò tún já sílẹ̀, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta wúrà tí wọn kò tíì wa. Báǹkì kan á yá wúrà láti inú àjà báǹkì àpapọ̀, á tà á lójú ẹsẹ̀, awakùsà á sì ṣèlérí láti fi wúrà ọjọ́ iwájú san án padà. Ní nǹkan bí ọdún 2000, wúrà tí wọ́n ti tà sílẹ̀ báyìí ti tó tọ́ọ̀nù 3,000, ìyẹn ohun tó ju iṣẹ́ odindi ọdún kan lọ. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ta iṣu ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ti ọdún yìí: ọjà kún, owó já. Ní ọdún 1999, owó wúrà wálẹ̀ dé nǹkan bí dọ́là 252.

Owó kékeré náà ní èso tirẹ̀. Kò sí owó láti wá ibi tuntun, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì dẹ́kun gbígbẹ́ ihò àyẹ̀wò. Ìyà rẹ̀ kò hàn lójú ẹsẹ̀. Ó hàn láàrin ọdún 2001 sí 2008, nígbà tí owó wúrà di ìlọ́po mẹ́ta, tí wúrà tí ayé ń wa lọ́dún sì ń dínkù títí tó fi wá sí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2,400.

Wúrà àlòkù: ẹsẹ̀ rẹ̀ yá

Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà láti tà á, alágbẹ̀dẹ náà á fi ẹ̀gbà ha ara òkúta dúdú kan tó jọ̀lọ̀, á sì kán ásíìdì sórí ìlà tó yọ. Bí ìlà náà bá parẹ́ kíákíá, bàbà tàbí idẹ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá dúró, wúrà gidi ni. Bí ó bá jẹ́ wúrà káráàtì 18, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé nínú ìdá 24, ìdá 18 ni wúrà, ìyókù jẹ́ bàbà àti fàdákà. Ẹ̀gbà gíráàmù 20 yóò ní wúrà gíráàmù 15. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbà náà á dé ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń yọ́ wúrà, níbi tí wọ́n á ti fẹ́ afẹ́fẹ́ kiloríìnì gba inú wúrà tó ti yọ́. Afẹ́fẹ́ náà á kó bàbà àti fàdákà kúrò bí ìdọ̀tí orí ọbẹ̀. Wúrà tó bá ṣẹ́kù kò yàtọ̀ rárá sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀, ọjà kan náà ni wọ́n á sì ta méjèèjì sí.

Ẹ̀gbà gíráàmù 20 yẹn kan náà ló fi ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń tà hàn. Ní ọdún 2001, nígbà tí áúnsì kan wà ní nǹkan bí dọ́là 255, wúrà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí dọ́là 123 lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, nígbà tí áúnsì dé nǹkan bí dọ́là 1,895, wúrà inú rẹ̀ di nǹkan bí dọ́là 914. Alágbẹ̀dẹ á yọ èrè tirẹ̀, síbẹ̀ iye tó kù tó láti san owó ilé tàbí owó ilé ìwé. Ọrọ̀ ajé ayé sì ti dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún 2008. Owó gíga àti àìní pàdé: wúrà àlòkù tó wọ ọjà kọjá tọ́ọ̀nù 1,600 nínú ọdún 2009, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀ ní 2012. Wúrà yìí ló ṣe bí ìjánu fún owó tó ń sáré. Nígbà tí owó wálẹ̀ sí nǹkan bí dọ́là 1,050 ní ìparí ọdún 2015, àwọn ènìyàn ti ìlẹ̀kùn àpótí wọn, wúrà àlòkù sì dínkù sí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,100.

Àìní nìkan náà lè mú wúrà jáde, kódà nígbà tí owó rẹ̀ kò ga. Ní ìparí ọdún 1997, gbèsè ilẹ̀ òkèèrè wọ Kòríà Gúúsù lọ́rùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, wọ́n ké sí ará ìlú láti mú wúrà ilé wọn wá, kí orílẹ̀-èdè lè tà á láti rí dọ́là. Àwọn tọkọtaya mú òrùka ìgbéyàwó wá, àwọn ìyá mú òrùka wúrà kéékèèké tí àṣà wọn fi ń ta ọmọ lọ́rẹ nígbà tó bá pé ọdún kan wá. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ènìyàn kópa, wọ́n sì kó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 227 jọ láàrin oṣù díẹ̀. Ní oṣù kìíní yẹn kan náà, owó wúrà wálẹ̀ kọjá dọ́là 280, ìsàlẹ̀ tí kò dé rí láàrin ọdún 18. Kì í ṣe Kòríà nìkan ló fà á, torí pé àwọn ará ìlú mìíràn ní Éṣíà náà ń tà, wọn kò sì rí owó ra tuntun. Ṣùgbọ́n kò sí ibi ìwakùsà kan láyé tí ì bá mú tọ́ọ̀nù 227 wọ ọjà láàrin àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lónìí

Owó gíga ọdún 2011 náà rí ìdáhùn ìwakùsà, bí ti ọdún 1980, ó sì tún pẹ́. Àwọn ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó ń gòkè ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé iye wúrà tí ayé ń wa ń pọ̀ sí i láàrin 2011 sí 2015 tí owó ń wálẹ̀. Ó kọjá tọ́ọ̀nù 3,600 ní ọdún 2018. Láti ìgbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wúrà ti ju ìlọ́po méjì lọ láàrin 2018 sí òpin 2024.

Wúrà àlòkù náà kò pọ̀ bí àwọn kan ṣe retí. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,370 ló wọ ọjà ní 2024, kò tó ti ọdún 2009, nígbà tí owó wúrà kò tó ìdajì ti 2024. Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀gbà tí àwọn tó ni wọ́n kò fẹ́ mọ́ ni wọ́n ti tà láàrin ọdún 2009 sí 2012. Ní Íńdíà, níbi tí wúrà inú ilé pọ̀ jùlọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi wúrà wọn dúró gba owó lọ́wọ́ báǹkì, wọn kì í tà á. Àwọn mìíràn ń gbé ògbólógbòó ẹ̀gbà lọ fi ṣe pààrọ̀ tuntun, wúrà bẹ́ẹ̀ kì í sì í wọ inú ìṣirò. Ẹni tó bá sì rò pé owó yóò tún gòkè lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní kánjú tà.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó wúrà kò lè wálẹ̀ kọjá iye tí awakùsà ń ná láti wa á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí owó bá já, awakùsà á padà sí òkúta tó lọ́ràá, ìnáwó rẹ̀ lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan á sì dínkù. Bí owó bá gòkè, á tún padà sórí òkúta tí kò lọ́ràá, ìnáwó á gòkè tẹ̀lé e. Ibi ìwakùsà tó ti ṣí náà kì í tètè tì, torí pé pípa á tì ní owó tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìpèsè yóò ṣe sí owó wúrà ní ọjọ́ iwájú ní àmì mélòó kan láti máa wò. Bí ilé iṣẹ́ ìwakùsà bá ń gbẹ́ ihò àyẹ̀wò púpọ̀, tí wọ́n sì ń rí òkúta tuntun, wúrà púpọ̀ lè máa bọ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i. Bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí ta wúrà ọjọ́ iwájú sílẹ̀, wúrà náà ti wọ ọjà kí ó tó kúrò nínú òkúta. Bí iye gíráàmù inú tọ́ọ̀nù òkúta wọn bá ń dínkù nígbà tí owó ń gòkè, wọ́n ń fi ìgbà ọ̀pọ̀ wa òkúta tí kò lọ́ràá ni, kò sì ní dára kí ẹnikẹ́ni kà á sí pé wúrà ti tán nínú ilẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá sì tò sẹ́nu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ láti ta ẹ̀gbà wọn, tí àwọn tó fẹ́ ra tuntun kò tó nǹkan, ìjánu ti bọ́ sí ẹnu owó wúrà nìyẹn, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré.